Títọ ọ̀nà iná láti jẹnẹrétọ̀ dé sọ́kẹ́ẹ̀tì lórí àwòrán onílà-kan

Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé, gílóòbù ń tàn lókè, ṣùgbọ́n sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ tábìlì akọ̀wé kò ní iná. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná, súkúrúdéfà ni wọ́n máa kọ́kọ́ fà yọ, wọ́n á tú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èmi, àwòrán onílà-kan, ìyẹn ìwé tó fi ọ̀nà tí iná ń gbà nínú ilé hàn, ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ìwé ju irin iṣẹ́ lọ o. Láàárín jẹnẹrétọ̀ àti sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ó kéré tán ibi márùn-ún ni iná ti lè dúró lọ́nà, àwòrán ló sì máa jẹ́ kí n mọ èyí tí mo lè yọ kúrò nínú ẹjọ́ kí n tó gun àtẹ̀gùn.

Ilé tí mo fẹ́ lò ṣe àpẹẹrẹ jẹ́ ilé ọ́fíìsì kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn: ìsàlẹ̀, òkè kìíní, òkè kejì. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Tí a bá yọ àwọn ohun tí kò kan ọ̀rọ̀ wa kúrò, bó ṣe rí nìyí, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gan-an:

```
G 100kVA 400/230V
 |  CB1 MCCB 160A
 |  4C x 70mm2 Cu SWA
ATS 160A 4P ---- CB2 160A ---- BUSBAR A (UTILITY)
 |                              |-- CB3 100A -- DB-AC
BUSBAR B
 |-- CB4 63A -- 4C x 16mm2 -- DB-G
 |-- CB5 63A -- 4C x 16mm2 -- DB-1
 |-- CB6 63A -- 4C x 16mm2 -- DB-2
```

Lórí ìwé gidi, àmì ni wọ́n máa ń yà. Róbótó tí G wà láàárín rẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀. Bírékà jẹ́ ìlà tó là díẹ̀ bíi súìṣì, tí àmì × kékeré sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìlà gbọọrọ tó ki, tí àwọn ìlà mìíràn ń so rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ni básìbáà, ìyẹn irin kọ́pà tí iná ti ń pín. Ìlà mẹ́ta tó ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ilẹ̀. Tí o bá rí àmì tí o kò mọ̀, má méfò: àlàyé àmì máa ń wà létí ìwé náà, nínú àpótí kékeré kan lápá ọ̀tún tàbí nísàlẹ̀.

Ìlà kan, wáyà mẹ́rin

Kí a tó tọ ọ̀nà kankan, ohun kan wà tí ojú gbọ́dọ̀ máa rí bí kò tilẹ̀ sí lórí ìwé. Ìlà kan ṣoṣo tó ti ara G sọ̀ kalẹ̀ yẹn, wáyà mẹ́rin ló ń ṣojú fún: féèsì pupa, féèsì yẹ́lò, féèsì búlúù, àti niútírà. Nígbà mìíràn wọ́n á fa igi wẹ́wẹ́ sára ìlà náà tàbí kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí i kí o lè mọ iye wáyà. Níbi tiwa, `4C` ló sọ ọ́: kébù oníwáyà mẹ́rin.

Láàárín féèsì kọ̀ọ̀kan àti niútírà, 230 fóòtì ni. Láàárín féèsì kan sí èkejì, 400 fóòtì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ `400/230V` sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán kò nílò ju féèsì kan àti niútírà lọ. Nítorí náà, ìlà kan lórí ìwé lè wà láàyè ní féèsì méjì kó sì kú ní féèsì kan, àwòrán kò sì ní fi hàn ọ́. A óò padà síbẹ̀.

Láti ẹnu jẹnẹrétọ̀

Fi ìka sórí G. Ohun àkọ́kọ́ ni kí o mọ iye kárẹ́ǹtì tó lè ti ibẹ̀ jáde, nítorí kò sí ohun tó wà nísàlẹ̀ tó lè gbà ju ìyẹn lọ:

```
I = S / (√3 × V) = 100000 / (1.732 × 400) = 144 A
```

Áńpíà 144 lórí féèsì kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Bírékà tó tẹ̀ lé e, CB1, jẹ́ 160. Ó sún mọ́ ọn, ó sì wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mọ ìtumọ̀ rẹ̀: tí ilé bá ń fa áńpíà 155 ní ọ̀sán gangan, CB1 kò ní já, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti ń mí gúlegúle. Bírékà yẹn lè gba kébù là, kò lè gba jẹnẹrétọ̀ là. Tí bírékà náà bá ní ibi tí wọ́n ti ń yí i wálẹ̀, sí 144 tàbí kó dín díẹ̀ ni kí wọ́n yí i sí.

Wo abẹ́ G bóyá àmì ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà níbí, nítorí `4P` tó wà lára ATS, ìyẹn ṣénjóófà, túmọ̀ sí pé niútírà pàápàá máa ń kúrò lára ti Nẹ́pà nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá gbà á. (Nẹ́pà ti di ohun ìtàn láti ọdún 2005, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń pín iná láti 2013, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é ní orúkọ mìíràn?) Nígbà tí niútírà bá ti kúrò lára ti Nẹ́pà, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti so mọ́ ilẹ̀, nídìí jẹnẹrétọ̀. Bí kò bá so ó, tí wáyà féèsì bá kan ara kẹ́tùlù, kárẹ́ǹtì kò ní rí ọ̀nà padà sílé, bírékà kò ní já, ara kẹ́tùlù á sì máa dúró de ọwọ́ ẹnì kan.

Ní oríta

ATS ni ṣénjóófà tó ń yí ara rẹ̀ padà. Ojú méjì ló ní lókè, ẹnu kan nísàlẹ̀: jẹnẹrétọ̀ láti apá kan, Nẹ́pà láti apá kejì, ilé nísàlẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ débi pé ojú méjèèjì kò lè ṣí pọ̀, nítorí tí iná jẹnẹrétọ̀ bá rìn padà bọ́ sórí okùn Nẹ́pà, tiransifọ́mà àdúgbò á gbé e ga sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, òṣìṣẹ́ tó wà lórí òpó tó rò pé iná ti lọ á sì kú.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà lórí àwòrán. Wò ó dáadáa: ibo ni DB-AC, ìyẹn àpótí bírékà ẹ̀rọ amúlétutù, ti ń mu? Orí BUSBAR A ni, ìyẹn ìhà Nẹ́pà, kí ọ̀nà tó dé ATS. Tọ ọ́ láti G: o sọ̀ kalẹ̀ láti CB1, o wọ ATS, o jáde sí BUSBAR B. Láti dé DB-AC, o ní láti gba inú ATS gòkè padà lápá CB2, ojú yẹn sì ti pa nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Kò sí ọ̀nà. Ẹ̀rọ amúlétutù ilé yẹn kò ní ṣiṣẹ́ lórí jẹnẹrétọ̀ láé, àti pé bí ẹni tó yà á ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè mí sí ilé mìíràn fún irú «àìsàn» báyìí, tó jẹ́ pé ara kò kúkú ro ẹnikẹ́ni.

Òfin títọ̀ náà kò ju báyìí lọ: máa sọ̀ kalẹ̀ láti orísun, má ṣe gòkè padà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí o kò bá lè dé láìgòkè padà, kò sí lára àwọn tí orísun yẹn ń bọ́.

Láti básìbáà dé àpótí bírékà

Láti BUSBAR B, ẹ̀ka mẹ́ta ló jáde. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí à ń wá wà lókè kejì, nítorí náà CB6 la máa gbà, áńpíà 63, lórí kébù mílì 16, dé DB-2.

Bí o ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, máa ka nọ́ńbà bírékà sókè: 160, 63, lẹ́yìn náà 32 nínú àpótí. Ó gbọ́dọ̀ máa kéré sí i. Bí ó bá ń kéré, tí ẹnì kan bá so irin aṣọ tó ti bàjẹ́ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ti 32 ló sábà máa já, ilé yòókù kò ní mọ̀. Ibi tí nọ́ńbà bá ti dúró tàbí tó tún gòkè, ẹnì kan ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo ti rí i tí bírékà 63 ń já lemọ́lemọ́, tí ẹni tó wà níbẹ̀ sì pààrọ̀ rẹ̀ sí 100 kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Kébù mílì 16 olókùn irin, bí wọ́n bá gbé e sára ògiri ní ibi tí kò gbóná jù, nǹkan bí áńpíà 77 ló lè rù. Bírékà 100 á máa wò ó níran títí rọ́bà rẹ̀ á fi yọ́.

Ẹnì kan lè ro 63 mẹ́ta pọ̀, kó rí 189, kó ní èyí ti ju 144 tí jẹnẹrétọ̀ lè gbé jáde. Òótọ́ ni, kì í sì í ṣe àṣìṣe. Kì í ṣe gbogbo òkè ló máa ń fà tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni kí féèsì kan máa ru ẹrù àwọn méjì yòókù, nítorí 144 yẹn, ti féèsì kọ̀ọ̀kan ni. Àwòrán onílà-kan kò sì lè sọ èyí fún ọ.

Níbi tí àwòrán parí sí

Àwòrán onílà-kan sábà máa ń dákẹ́ lẹ́nu DB. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kò sí lórí rẹ̀. Ìwé kejì lo máa béèrè, ìyẹn tábìlì àpótí bírékà. Nígbà mìíràn, inú ilẹ̀kùn àpótí náà ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ti DB-2 nìyí:

```
DB-2  TPN 63A
1R  10A  2x1.5mm2+E  LIGHTING
1Y  32A  2x2.5mm2+E  SOCKETS, RING, OFFICE 1-3
1B  32A  2x2.5mm2+E  SOCKETS, RING, OFFICE 4-6
2R  20A  2x2.5mm2+E  SOCKETS, RADIAL, STORE
```

Ibí ni ìlà kan ti wá là sí mẹ́ta. R ni pupa, Y ni yẹ́lò, B ni búlúù. Gílóòbù wà lórí pupa. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì 1 sí 3 wà lórí yẹ́lò. Ìdí nìyí tí gílóòbù fi lè máa tàn nígbà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì kú fin-ín. Nítorí náà, má ṣe gbà pé iná ti dé DB-2 nítorí pé òkè mọ́lẹ̀. Féèsì pupa ló dé.

`RING` túmọ̀ sí pé wáyà jáde láti bírékà, ó yí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì náà po, ó sì padà sídìí bírékà kan náà. Ọ̀nà méjì ni kárẹ́ǹtì ń gbà, òun ló fà á tí wáyà mílì 2.5 fi lè gbé lábẹ́ bírékà 32. `RADIAL` jáde lọ, kò padà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní 20. Ṣí àpótí náà lẹ́yìn tí o bá ti pa á, kí o wo abẹ́ bírékà 1Y: wáyà féèsì méjì ló yẹ kó wọ ibẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lo rí, ẹni tó fa wáyà kò padà wálé, ohun tí tábìlì ń pè ní òrùka kì í ṣe òrùka. Gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì á ṣì máa ṣiṣẹ́ o, kò sẹ́ni tó máa fura, ṣùgbọ́n wáyà kan ló ń ru ẹrù méjì. Bírékà 20 ni kí o fi rọ́pò rẹ̀ títí tí wọ́n á fi fa apá kejì padà.

Báyìí, kọ ọ̀nà náà sórí ìlà kan, kí o mú un lọ́wọ́ lọ síbi iṣẹ́:

```
G > CB1 > ATS > BUSBAR B > CB6 > DB-2 > 1Y > OFFICE 1-3
```

Ọjọ́ tí yẹ́lò sọnù

Ẹjọ́ tó gbé mi dé ilé náà nìyí: sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì 1 sí 3 kì í ṣiṣẹ́ lórí jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n bí Nẹ́pà bá ti dé, wọ́n á jí. Mo jókòó sí yàrá àbáwọlé, mo fi ìka tọ ìlà òkè yẹn. Bí Nẹ́pà bá ń dé sọ́kẹ́ẹ̀tì, a jẹ́ pé ohun gbogbo tí Nẹ́pà àti jẹnẹrétọ̀ jọ ń gbà kò ní ẹ̀bi: BUSBAR B, CB6, DB-2, 1Y, sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ó ku G, CB1, kébù mílì 70, àti ojú jẹnẹrétọ̀ lára ATS. Ẹnìkan kò tíì tú nǹkan kan, ìdajì iṣẹ́ ti lọ.

Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òkè kejì nìkan ló yẹ kó jìyà, nítorí ibi tó ṣáájú BUSBAR B ni ẹ̀bi wà. Mo bi obìnrin tó ń gbàlejò pé, «Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lórí, kí ni kì í ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín nísàlẹ̀ níbí?» Ó ní, «Ẹ̀rọ fotokọ́pì ni. A rò pé jẹnẹrétọ̀ kò lágbára rẹ̀ ni.» Mo wo tábìlì DB-G, àpótí ti ìsàlẹ̀: orí 1Y ni.

Mo gbé mítà lọ. Lẹ́nu CB1, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, féèsì kọ̀ọ̀kan sí niútírà jẹ́ 230, 231, 230. Lójú tí kébù ti wọ ATS, bákan náà. Kébù jàre. Lẹ́nu ìsàlẹ̀ ATS, pupa 229, búlúù 230, yẹ́lò 3. Mo tún wọn pupa sí yẹ́lò. Ó yẹ kó jẹ́ 400. 228 ló fún mi. Ẹ kíyè sí nọ́ńbà yẹn, nítorí ó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Yẹ́lò kò ní iná tirẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹrù tí wọ́n ṣì so mọ́ ọn nínú ilé ló so ó pọ̀ mọ́ niútírà, nítorí náà pupa sí yẹ́lò ti di pupa sí niútírà. Ẹni tó bá rí 228 láàárín wáyà méjì tó sì ní «iná wà níbẹ̀», ó ti ka mítà dáadáa, ó sì ti ṣìnà. Máa wọn sí niútírà ní gbogbo ìgbà, kí o sì fi mítà gidi wọ̀n ọ́, kì í ṣe súkúrúdéfà onígílóòbù.

Kí a tó ṣí ATS, orísun méjèèjì gbọ́dọ̀ kú. A pa ẹ́ńjìnnì, a yí ìdarí rẹ̀ sí pípa, a yọ wáyà bátìrì, nítorí ATS lè pè é dìde fúnra rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ èèyàn wà nínú rẹ̀. A pa CB2, a ti í ní kọ́kọ́rọ́. A wọn ọ́n, kò sí iná. Nígbà tí a ṣí i, ojú yẹ́lò lápá jẹnẹrétọ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, súkúrù rẹ̀ sì yí lábẹ́ ìka mi láìlo irin. Ó tú, ó gbóná, ó jóná. ATS kò pariwo, nítorí kébù tó ń wọlé ló ń ṣọ́, kì í ṣe èyí tó ń jáde. Wọ́n ra ojú tuntun fún un, a dì í mọ́ dé bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe sọ, 229 sì jáde lẹ́nu yẹ́lò.

Ìgbà tí a ń palẹ̀ mọ́ ni wọ́n ní ká bá àwọn fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kan kún ti ọ́fíìsì kan ní òkè kìíní. Mo tún wo àwòrán: G > CB1 > ATS > BUSBAR B > CB5 > DB-1. Mo pa CB5. Òkè kìíní ṣókùnkùn. Mo fi mítà kan sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì náà kí n tó tú u, ó ní 226.

Mo tọ wáyà gan-an lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìlà. Lókè àjà, wọ́n gbé ínfátà kan síbẹ̀ pẹ̀lú bátìrì mẹ́rin. Ó ń jẹun láti inú DB-1, ó sì ń bọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin nípasẹ̀ àpótí kékeré tí kò lórúkọ. Ọjọ́ tó wà létí àwòrán ti ju ọdún márùn-ún lọ ṣáájú ìgbà tí wọ́n ra ínfátà. Kí o tó fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí, yí ìtọ́pa padà: bẹ̀rẹ̀ láti sọ́kẹ́ẹ̀tì, máa gòkè, kí o ka iye orísun tó lè dé ibẹ̀, kí o sì bi àwọn tó ń gbé ilé náà bóyá wọ́n ti ra nǹkan kan látìgbà tí wọ́n ti yà á. Níbí, àwòrán ní méjì. Mẹ́ta ló wà.

A pa ínfátà, a yọ bátìrì, a fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Mo fi báírò pupa ya róbótó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ DB-1 lórí ìwé wọn, mo kọ ínfátà sínú rẹ̀ àti ọjọ́ òní, mo sì ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ ilẹ̀kùn.